Apá tí kò gbé sókè mọ́: àgbéyẹ̀wò ìrora èjìká, láti orí iṣan tó ń bínú dé orí èjìká gígan

Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ bí èjìká bá ń yọ wọ́n lẹ́nu: "Bí mo bá ní kí n gbé apá yìí sí ẹ̀gbẹ́, ṣe ló máa ń gún mi." Ará ilé á ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹlòmíràn á ní ó sùn lé e ni. Onítọ̀hún á ra àbóníkì, á fi pa á, á sì máa retí. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ èjìká dáadáa, kì í ṣe bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó ni ìbéèrè tó ṣe kókó, nítorí iṣan tó kàn ń bínú lè máà jẹ́ kí ènìyàn sùn, bẹ́ẹ̀ ni èjìká tó ti gan pátápátá lè máà fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé bí ẹlòmíràn bá bá a gbé apá náà, tí òun fúnra rẹ̀ kò lo agbára kankan, ṣé apá á lọ, àbí ó ní ibi tí yóò ti dúró gbagidi? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ìtọ́jú apá kan sì lè ba apá kejì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí apá ṣe ń gòkè. Orí eegun apá rí roboto, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n ojú ibi tó jókòó sí lára eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká kéré, kò sì jìn. Ìdí nìyẹn tí apá fi lè yí kiri ju ẹsẹ̀ lọ. Kí orí eegun náà má baà yọ̀ kúrò láàyè rẹ̀, iṣan mẹ́rin wá láti ara eegun pẹlẹbẹ yẹn, wọ́n sì gbá a mú níwájú, lókè àti lẹ́yìn. Bí iṣan ńlá tó bo èjìká bá ń fa apá sókè, àwọn mẹ́rin yìí ló ń di orí eegun mú kó má baà fò sókè. Èyí tó wà lókè nínú wọn ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Abẹ́ eegun ṣóńṣó orí èjìká ló gbà kọjá, àpò omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ kí wọ́n lè yọ̀ lára wọn.

Bí a bá ní apá tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ wà ní dígírì 0, èyí tó nà tààrà sí ẹ̀gbẹ́ wà ní 90, èyí tó kan etí sì wà ní 180. Ìrora iṣan tó ń bínú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 60, á le gan-an ní àárín, á sì dínkù lẹ́yìn 120. Ẹni tó bá fara dà á kọjá ibẹ̀ lè rí i pé apá dé òkè láìsí wàhálà, kó tún wá gún un nígbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀. Ohun mìíràn tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé kì í ṣe orí èjìká gan-an ló máa ń dùn wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ apá lókè, níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni wọ́n máa ń fọwọ́ tọ́ka sí.

Fún ọdún pípẹ́, àlàyé kan ló gbilẹ̀ jù fún ìrora yìí. Ní 1972, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, Charles Neer, sọ pé eegun orí èjìká ló ń ha iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì dábàá kí wọ́n gé díẹ̀ lára eegun náà kí àyè lè wà. Àlàyé náà mọ́gbọ́n wá, ó sì rọrùn láti yàwòrán rẹ̀ fún aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀rọ kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ oríkèé dé, iṣẹ́ abẹ náà di ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò bó ṣe yẹ. Ní Bìrìtìkó, àwọn olùwádìí kó ènìyàn 313 tí èjìká ń dùn jọ láti ilé ìwòsàn 32, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gé eegun fún àwọn kan. Wọ́n ti kámẹ́rà bọ èjìká àwọn kejì, wọ́n wò ó, wọ́n sì jáde láìgé nǹkan kan. Àwọn kẹta kò rí iṣẹ́ abẹ kankan. Àwọn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún wọn nínú méjèèjì. Èsì tó jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet ti 2018 fi hàn pé àwọn tí wọ́n gé eegun fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n kàn wo inú èjìká wọn lọ. Àwọn méjèèjì fi díẹ̀ sàn ju àwọn tí kò gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò yí ìgbésí ayé aláìsàn padà. Àwọn ará Finland ṣe irú rẹ̀ lọ́dún kan náà, èsì tiwọn kò yàtọ̀. Ní 2019, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìṣègùn BMJ kó jọ sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má ṣe fi iṣẹ́ abẹ yìí lọ àwọn tó ní irú ìrora bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní eegun ń ha yín níṣan, ẹ bi í léèrè kí ló dé tí gígé eegun náà kò fi yàtọ̀ sí àìgé e.

Èyí tó wá kù gẹ́gẹ́ bí àlàyé ni ti ẹrù àti agbára. Iṣan tó so mọ́ eegun máa ń gba iye iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lára. Bí iṣẹ́ náà bá ṣàdédé pọ̀ jù, tàbí tí ọjọ́ orí, sìgá tàbí àtọ̀gbẹ bá ti dín agbára rẹ̀ kù, ìdí iṣan náà á bínú, á nípọn, á sì máa dùn nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Láàárín 60 sí 120 dígírì ni apá ti jìnnà sí ara jù, ibẹ̀ ni ẹrù náà ti wúwo jù.

Ẹ jẹ́ ká fi onídìrí kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 38 tó ń dirun ní ìsọ̀. Oṣù Kejìlá dé, oníbàárà pọ̀, ó ń na apá sókè láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí ọdún tuntun fi máa dé, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́. Físíò tó lọ bá ní kó jókòó, kó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó ká a kí ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú bí ẹni fẹ́ gba owó, kó sì sọ apá náà di òkú. Ó wá rọra yí ọwọ́ náà síta. Ó lọ jìnnà, bákan náà pẹ̀lú ti òsì. Ó bá a gbé apá sókè sí ẹ̀gbẹ́: ó dùn díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ó dé etí. Ó ní, "Ó yá, ẹ ti ọwọ́ mi síta, kí èmi náà máa dí yín lọ́nà." Níbẹ̀ ló ti pariwo. Apá tí ẹlòmíràn lè gbé dé òkè, àmọ́ tó ń dùn bí iṣan fúnra rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, iṣan ló ń bínú, oríkèé kò gan.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò nílò kó ti ìsọ̀ pa. Àpótí tí oníbàárà ń jókòó sí ló ga jù. Wọ́n wá èyí tó kéré sí i, ìgbọ̀nwọ́ onídìrí sì sọ̀kalẹ̀ wá sí ìtòsí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti mú apá kúrò níbi tó ti ń dùn jù. Lẹ́yìn náà ni eré ìmárale. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á ká ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri síta láìjẹ́ kí apá rìn, fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, á so rọ́bà taya kẹ̀kẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn, á ká tówẹ́ẹ̀lì sáàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà, á sì máa fa rọ́bà náà síta lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìpele mẹ́ta, lọ́jọ́ méjì-méjì. Nígbà tó bá yá ni á tó máa gbé ike omi kékeré sókè, kọ́kọ́ síwájú, kó tó wá di ẹ̀gbẹ́.

Ìrora díẹ̀ nígbà eré náà kò burú. Bí 10 bá jẹ́ ìrora tó le jù, 3 tàbí 4 ṣe é fara dà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni adájọ́: bí èjìká bá ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹrù náà tó, bí ó bá ṣì ń dùn ju ti àná lọ, ẹrù ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù, ẹ má ṣe dá a dúró pátápátá. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló yẹ kí ènìyàn fún un kó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà: ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n ti sọ rọ́bà nù.

Owó físíò kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ tọ́jú ara. Ìwádìí kan ní Bìrìtìkó tó jáde ní 2021 ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ènìyàn 708 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan rí físíò tó ìgbà mẹ́fà, àwọn kan rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fi ṣàlàyé dáadáa, tó sì fún wọn ní eré ìmárale tí wọ́n á máa ṣe nílé. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é fọwọ́ mú láàárín wọn. Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n gún fún àwọn kan mú kí ara tù wọ́n díẹ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yípo, kò fi wọ́n sílẹ̀ ní ipò tó dára ju ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ju ìgbà kan lọ, kó lọ nígbà kan yẹn, kó sì bèèrè gbogbo ìbéèrè tó ní.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí síkáànì, nítorí ó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn níjì. Àwọn olùwádìí kan ṣe síkáànì èjìká fún ọkùnrin 51, láti ẹni ọdún 40 dé 70, tí èjìká kò dùn rárá. Nínú wọn, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ohun kan tí kò rí bó ṣe yẹ: iṣan tó ti nípọn, tó ya díẹ̀, tàbí àpò omi tó wú. Àwọn ọkùnrin yìí ń rìn kiri láìmọ̀. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ sínú ìwé èsì yín pé iṣan ya díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Yíya tó yẹ kó dẹ́rù bani máa ń ní ìtàn tirẹ̀: ènìyàn ṣubú lé apá, tàbí ó gbé ohun tó wúwo, láti ọjọ́ yẹn kò sì lè gbé apá mọ́. Ẹlòmíràn lè bá a gbé e dé òkè, àmọ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, apá á wó lulẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó ti rọ́bà. Kó rí oníṣẹ́ abẹ eegun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣan tó ya pátápátá máa ń sún sẹ́yìn, dídì í padà á sì di ìṣòro.

Èjìká gígan jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Nǹkan kan tó dà bí àpò ló yí oríkèé èjìká ká. Lára aláàfíà, ó tú, ó sì ní ìdẹ̀, kí apá lè rí àyè yí. Nínú àìsàn yìí, àpò náà á kọ́kọ́ gbóná, á wá nípọn, á sì sún kì bí apá bùbá tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀. Oníṣègùn ará Faransé kan, Duplay, ti kọ̀wé nípa irú èjìká bẹ́ẹ̀ ní 1872. Ernest Codman, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Boston, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1934, ó sì gbà pé òun kò rí àlàyé tó dájú fún un. Ní 1945 ni oníṣẹ́ abẹ mìíràn, Neviaser, fi ojú ara rẹ̀ rí i, nínú àwọn èjìká tí wọ́n là, pé àpò náà ló ti nípọn tó sì ti fún. Ní Japan, èjìká àádọ́ta ọdún ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì jìnnà sí òtítọ́: láàárín ọdún 40 sí 60 ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Ẹ wo olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 54, tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ fún ọdún mélòó kan. Kò ṣubú, kò gbé ẹrù. Ó kàn rí i pé èjìká òsì ń jí òun lóru. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kò dé ẹ̀yìn mọ́ láti de kọ́mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de é níwájú kó tó yí i sẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lè wé gèlè fúnra rẹ̀; ọmọ rẹ̀ ló bá a wé e. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń fa ara. Ọkùnrin náà fa apá rẹ̀ títí ó fi sunkún, ó sì ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò sùn.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ físíò, ìyẹn ní kó dùbúlẹ̀, nítorí ẹni tó bá jókòó lè fi ara yíyí bo àìlọ apá mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Ó ká ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. "Mọ́mì, ẹ má ràn mí lọ́wọ́ o, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Ó yí ọwọ́ ọ̀tún síta, ó lọ tó nǹkan bí 60 dígírì. Ti òsì kò ju 10 lọ tó fi dúró, kì í ṣe pé obìnrin náà ń dí i. Ó dà bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ibẹ̀. Nígbà tó ní kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo èjìká ló fò lọ bá etí, nítorí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ló ń gbé apá, oríkèé fúnra rẹ̀ kò rìn. Yíyí síta tó pòórá yìí, tí ẹlòmíràn náà kò sì lè gbà padà, ni àmì tó lágbára jù lọ pé èjìká ti gan.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ohun mẹ́ta mìíràn tún lè dí yíyí síta lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹ́síréè ló sì máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí eegun èjìká bá ti jẹ, ó á hàn. Bí orí eegun apá bá ti yẹ̀ sẹ́yìn, bó ti máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wárápá gbé tàbí tí iná mànàmáná mú, ó lè hàn, àmọ́ ẹ́síréè tí wọ́n yà láti iwájú nìkan lè pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n ya ti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Ìkẹta kan ilé wa gan-an: ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí eegun apá, kí eegun náà sì kú díẹ̀díẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹ́síréè lè máà fi hàn. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ní àrùn yìí, tí èjìká rẹ̀ ń dùn tó sì ń le, kò gbọ́dọ̀ gba pé èjìká gígan ni títí tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ́síréè olùkọ́ wa mọ́ tónítóní. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn nínú èjìká gígan.

Àtọ̀gbẹ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́. Láàárín àwọn ènìyàn lápapọ̀, nǹkan bí 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní èjìká gígan. Láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ó tó bíi 13. Bí a bá sì yí i padà, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí èjìká wọn gan ló ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó di àpò oríkèé, á sì sọ wọ́n di líle. Bákan náà ló ń ṣe àwọn ìka ọwọ́: ní kí ẹni tó ti pẹ́ lórí àtọ̀gbẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, ẹ á rí i pé àwọn ìka kan kò lè pàdé dáadáa. Èrò mi ni pé ẹnikẹ́ni tí èjìká rẹ̀ gan láìsí ìdí yẹ kó lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní in lọ́kàn rí. Àìsàn tairọ́ọ̀dù náà wà lára ohun tó ń fà á, bẹ́ẹ̀ sì ni rọpárọsẹ̀ tàbí kíkọ́ apá sọ́rùn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ìrìn àìsàn yìí gùn. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìrora ló ń jọba, apá sì ń gan lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrora á rọlẹ̀, gígan á dúró síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìwádìí àtijọ́ kan ní 1975 rí i pé gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bí oṣù 30 ní ìpíndọ́gba. Ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni gbogbo yíyí apá ń padà fún, pàápàá àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé á tú pátápátá láìṣe nǹkan kan, àsọdùn ni.

Ipele tí àìsàn náà wà ló ń pinnu ìtọ́jú, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní ìlú wa sì ni kí wọ́n máa fa apá nígbà tí àpò oríkèé ṣì ń gbóná. Ní Netherlands, Diercks àti Stevens tẹ̀lé ènìyàn 77 tí èjìká wọn gan. Wọ́n fún àwọn kan ní físíò tó le, tó ń fa apá kọjá ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n lo apá dé ibi tí ìrora bá gbà, kí wọ́n ṣe eré ìmárale jẹ́jẹ́, kí wọ́n má sì fi agbára ṣe é. Lẹ́yìn ọdún méjì, 89 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n rọra ṣe ló ní èjìká tó dára tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára pátápátá. Láàárín àwọn tí wọ́n fà, 63 péré ni. Kò yẹ kí èsì 2004 yìí ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń fi ọwọ́ kan èjìká ènìyàn. Àwọn onítegungun wa mọ eegun tó ṣẹ́, àmọ́ kò sí eegun kankan tó yẹ̀ níbí tí wọ́n fẹ́ tò padà. Bí eegun àgbàlagbà bá ti rọ̀, fífa lè ṣẹ́ ẹ. Kódà nígbà tí dókítà bá fi oògùn oorun kun aláìsàn kó tó yí èjìká tó gan, ewu ṣíṣẹ́ eegun ṣì wà.

Ní ipele ìrora, abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n gún sínú oríkèé gan-an wúlò ju bó ṣe wúlò fún iṣan tó ń bínú lọ. Ó máa ń dín ìrora kù fún oṣù díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn lè sùn, kó sì rí àyè gbé apá. Wọ́n gún ti olùkọ́ wa. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ṣúgà rẹ̀ máa gòkè fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ó ń wọn ṣúgà rẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín àkókò yẹn dípò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó gòkè lóòótọ́, ó sì padà.

Eré ìmárale tí wọ́n fún un kò le. Á tẹ̀ síwájú, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbára lé tábìlì, á jẹ́ kí òsì rọ̀ sílẹ̀, á sì máa fì í yípo jẹ́jẹ́. Codman tí a ti dárúkọ ló mú eré yìí gbajúmọ̀. Ìkejì, á dùbúlẹ̀, á di igi mọ́ọ̀pù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ìgbọ̀nwọ́ òsì mọ́ ẹ̀gbẹ́, ọ̀tún á sì máa fi igi náà ti òsì síta dé ibi tí ó bá kàn ti fẹ́ dùn, á dúró díẹ̀, á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Òfin rẹ̀ ni pé bí ìrora bá ju ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn eré, ó ti tì í jù.

Bí ìrora bá ti rọlẹ̀ tí gígan nìkan wá kù, a lè tì í síwájú díẹ̀ sí i. Bí kò bá sì tú, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ọ̀nà méjì: kí wọ́n fi oògùn oorun kun aláìsàn, kí wọ́n yí apá rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ oríkèé, kí wọ́n gé àpò tó sún kì. Ní Bìrìtìkó, wọ́n fi méjèèjì wé físíò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára ènìyàn 503. Èsì náà jáde ní 2020: lẹ́yìn ọdún kan, kò sí èyí tó fi ohun tó tóbi ju àwọn yòókù lọ, ewu tó le jù sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ abẹ kámẹ́rà. Ẹni tí apá rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀ kò ní ìdí láti sáré wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Oògùn tí wọ́n ń dì fún ènìyàn nínú ọ̀rá kékeré lọ́jà, tí ó ń mú gbogbo ìrora lọ láàárín wákàtí méjì, yẹ kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ yẹra fún. Lọ́pọ̀ ìgbà, sitẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń gbé e mì mọ̀, lójoojúmọ́ sì ni, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan bíi ti abẹ́rẹ́. Dáíkílófẹ́nàkì náà kò bá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín lára mu.

Àwọn ìrora kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi wé èjìká rárá. Èjìká òsì tó ń dùn nígbà tí ènìyàn bá ń gun òkè tàbí tó ń yára rìn, tó sì dẹwọ́ bí ó bá jókòó, ọkàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe iṣan; bí òógùn tàbí èémí kíkúrú bá bá a rìn, kó lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oríkèé tó gbóná, tó pupa, tí ibà sì bá a wá, ó lè ti ní kòkòrò nínú. Bí ìrora bá ń sọ̀kalẹ̀ kọjá ìgbọ̀nwọ́ dé àwọn ìka, tí ó ń ta wọ́n, tí yíyí ọrùn sì ń mú un le sí i, ọrùn ló ti wá.

Olùkọ́ wa ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ wọn bó ṣe ń lọ sí. Ní àkọ́kọ́, bí ó bá ti ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ìdí nìkan ló dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó dé ibi tí ìró ti ń so. Yíyí síta ti tó 35 dígírì. Kò tíì lè de kọ́mú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń sùn. Físíò sọ fún un pé ó ṣọ̀wọ́n kí èjìká kan náà tún gan, àmọ́ ti ọ̀tún lè tẹ̀lé e nígbà mìíràn, pàápàá bí ṣúgà kò bá balẹ̀. Nítorí náà ló ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọwọ́ síta, kó lè máa dán ti ọ̀tún wò lóṣooṣù, kó sì wá fún abẹ́rẹ́ nígbà tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, kó má dúró de ìgbà tí yóò gan.